Ìtumọ̀ ìlànà ìdáná

Ìtumọ̀ ìlànà ìdáná ni iṣẹ́ gbígbé àlàyé bí a ṣe ń se oúnjẹ kan láti inú èdè kan bọ́ sínú òmíràn, kí ẹni tó ń dáná ní ilé mìíràn lè se oúnjẹ kan náà. Ìkòkò ni adájọ́ irú ìtumọ̀ yìí. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá tọ̀nà tí oúnjẹ kò sì jinná, tàbí tí ó pa ẹni tó jẹ ẹ́ lára, ìtumọ̀ náà kùnà.

Ohun mẹ́ta ló máa ń mú iṣẹ́ náà le: orúkọ èròjà, ọ̀rọ̀-ìṣe ìdáná, àti òṣùwọ̀n. Àpilẹ̀kọ yìí fi mọ́ínmọ́ín ṣe àpẹẹrẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí a bá fẹ́ gbé ìlànà rẹ̀ láti ilé ìdáná kan ní Awóyáyà, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lọ sí ilé ìdáná kan ní Lọ́ńdọ̀nù.

## Ìpìlẹ̀

Ẹnu àti ojú ni ọ̀pọ̀ ìlànà ìdáná Yorùbá fi ń kọjá láti ọ̀dọ̀ ìyá sí ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọmọ a dúró ti ìyá rẹ̀ ní ìdí àdògán, a sì máa wo bí omi ṣe pọ̀ tó àti bí ata ṣe ń dún nínú epo. Nítorí náà ni ìlànà tí a bá sọ lẹ́nu fi máa ń kúrú. Ẹni tó ń sọ ọ́ gbà pé olùgbọ́ ti rí i rí.

Ọ̀kan lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tó kó oúnjẹ Yorùbá jọ fún ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí J. A. Mars àti E. M. Tooleyo kọ, tó jẹ mọ́ Kúdẹtì ní Ìbàdàn, tí ilé ìtàwé CMS sì gbé jáde ní Èkó ní ọdún 1934. Ìṣòro tó wà níwájú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìṣòro tó wà níwájú olùtumọ̀ òde òní pẹ̀lú: ohun tí ẹni tó wà nídìí ààrò fi ojú rí gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Awóyáyà fi ìṣòro yìí hàn kedere. Ó wà lójú ọ̀nà tó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn Ajah àti Sángótẹ̀dó. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbé ibẹ̀, àwọn tó kó wá láti àárín ìlú Èkó àti láti ìpínlẹ̀ mìíràn sì ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ní àdúgbò kan náà ni a ti lè rí ìyá tó ń fi agolo wọn ẹ̀wà àti aládùúgbò rẹ̀ tó ń fi òṣùwọ̀n oní-gíráàmù wọn ọ́n. Kí ìlànà kan tó kúrò nínú èdè Yorùbá rárá, ó ti lè nílò àlàyé láti ilé kan sí èkejì.

## Orúkọ èròjà

Ewu tó pọ̀ jù nínú orúkọ èròjà ni ọ̀rọ̀ tó dà bíi pé ó rọrùn láti tú. *Ẹ̀wà pupa* ni àpẹẹrẹ tó yẹ kí gbogbo olùtumọ̀ mọ̀. Ní ọjà Èkó, ẹ̀wà pupa jẹ́ ẹ̀yà kan lára ẹ̀wà tí a fi ń ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àwọ̀ ilẹ̀, ó sì jẹ́ ìbátan ẹ̀wà funfun tó ní ojú dúdú. Bí olùtumọ̀ bá tú «ẹ̀wà» àti «pupa» lọ́kọ̀ọ̀kan sí Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí òǹkàwé ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rà ni *ẹ̀wà kídínì*, ìyẹn ẹ̀wà ńlá pupa tó rí bí kíndìnrín.

Ẹ̀wà kídínì tútù ní májèlé kan nínú, ọ̀kan lára irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lẹ́kítìnì. Horo mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò jinná lè mú kí ènìyàn máa bì, kí ó sì máa ṣu gbuuru láàárín wákàtí 1 sí 3. Ọ̀nà láti pa májèlé náà ni kí a rẹ ẹ̀wà náà sínú omi fún wákàtí 5 ó kéré tán, kí a da omi náà nù, kí a fi omi mìíràn sè é, kí ó sì hó kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán kí a tó máa bá sísè rẹ̀ lọ. Ooru tí kò tó ti omi híhó kò lè pa á dáadáa. Ìlànà mọ́ínmọ́ín kò sì ní ìgbésẹ̀ yìí rárá, nítorí pé ẹ̀wà tútù ni a ń lọ̀, a kì í bọ̀ ọ́ ṣáájú. Ìtumọ̀ tó fi ẹ̀wà kídínì rọ́pò ẹ̀wà pupa ti mú ẹ̀wà kan wọ inú ọ̀nà ìdáná tí a kò ṣe fún un.

Ohun tó tọ́ ni kí olùtumọ̀ kọ orúkọ tí òǹkàwé yóò rí lára àpò ní ọjà tirẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, *bláàkì-áì bíìnsì* ni orúkọ ẹ̀wà funfun tó ní ojú dúdú, òun ló sì rọrùn jù láti rí. Ó dára kí ó fi gbólóhùn kan kún un pé kí a má ṣe lo ẹ̀wà kídínì.

Ọ̀rọ̀ *edé* ń ṣini lọ́nà lọ́nà mìíràn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní *kréfíìṣì*, edé kékeré gbígbẹ tí a ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní Ìlú Ọba, ẹranko inú odò tó ní ẹ̀mú bíi ti akàn ni ọ̀rọ̀ kan náà ń tọ́ka sí, a sì máa ń tà á ní bíbọ̀ nínú omi iyọ̀. Ẹni tó bá fi èyí sínú mọ́ínmọ́ín yóò ní omi àti iyọ̀ tí kò retí, kò sì ní rí òórùn edé gbígbẹ. «Edé kékeré gbígbẹ, tí a lọ̀» ni àlàyé tó yẹ kí a tú. Kò yẹ kí olùtumọ̀ yọ orúkọ yìí kúrò, kódà bí ó bá rò pé òórùn rẹ̀ kò ní wu òǹkàwé, nítorí pé edé wà lára oúnjẹ tí ara àwọn kan kì í gbà, tí ó sì lè di ọ̀ràn ẹ̀mí fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni *epo*. Nínú ilé ìdáná Yorùbá, bí a bá sọ pé «epo» láìfi nǹkan kún un, epo pupa ni. Òróró ni a ń pe ti ẹ̀pà, ti sóyà àti irú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo wọn ní orúkọ kan. Nítorí náà, bí a bá ń lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, a gbọ́dọ̀ sọ irú epo tí ó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ òróró, ó yẹ kí a sọ bóyá ti ẹ̀pà ni, nítorí ẹ̀pà náà wà lára ohun tí ara àwọn kan kì í gbà.

## Ọ̀rọ̀-ìṣe ìdáná

Èdè kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó ti pín ìdáná sí wẹ́wẹ́ àti ibi tí kò ti pín in. Yorùbá kì í lo ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo òkèlè: a ń *gún* iyán, a ń *ro* àmàlà, a ń *tẹ* ẹ̀bà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe náà nìkan ti mọ ohun èlò tí yóò mú dání: odó àti ọmọ odó, omorogùn, tàbí abọ́ omi gbígbóná. Bí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé kí a «ṣe» mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìmọ̀ yìí ti sọnù, olùtumọ̀ sì gbọ́dọ̀ fi gbólóhùn rọ́pò rẹ̀.

*Sè* wà ní ìdàkejì. Ó gba ohun púpọ̀ mọ́ra. A ń se ìrẹsì nínú omi, a ń se ọbẹ̀, a sì ń se mọ́ínmọ́ín. Ṣùgbọ́n omi kò gbọ́dọ̀ wọ inú mọ́ínmọ́ín: ooru tó ń ti inú omi híhó jáde ni ó ń sè é. Ẹni tó jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ èyí láìsí pé a sọ fún un. Bí olùtumọ̀ bá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí «bọ̀ nínú omi» rọ́pò *sè*, òǹkàwé lè da omi kún ìkòkò títí yóò fi bo mọ́ínmọ́ín mọ́lẹ̀. Omi yóò wọ inú ewé tàbí agolo, ẹ̀wà lílọ̀ náà yóò sì tú ká. Ìtumọ̀ tó péye sọ pé kí a tẹ́ igi ewé tàbí àwo sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí omi má ga ju ibi tí a tẹ́ náà lọ, kí a de ìdérí, kí a sì fi ooru omi sè é.

Irú èyí ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ń bọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún ohun tí ooru yí ká nínú ààrò oníná àti ohun tí iná ń rà láti òkè nìkan. Yorùbá lè lo *yan* fún méjèèjì. Níhìn-ín, ó yẹ kí olùtumọ̀ sọ ibi tí iná ti ń wá àti bí oúnjẹ ṣe jìnnà sí i tó.

*Pò* àti *lù* náà gba àkíyèsí. Fún àkàrà, a máa ń lu ẹ̀wà lílọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, kí àkàrà sì fúyẹ́ nígbà tí a bá dín in. Omi inú rẹ̀ kì í pọ̀. Ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín ṣàn ju ti àkàrà lọ, a sì lè pò ó kí gbogbo èròjà dàpọ̀. Ìlànà tí kò fi ìyàtọ̀ yìí hàn lè mú kí òǹkàwé fi ẹ̀wà ṣíṣàn dín àkàrà, tí yóò sì fọ́n ká nínú òróró.

## Òṣùwọ̀n

Ní ọjà Awóyáyà àti Ajah, bí i ti ọjà Èkó yòókù, kóńgò, dẹ̀ríkà, agolo mílíìkì àti rọ́bà pẹ́ńtì ni a fi ń wọn ọ̀pọ̀ ohun gbígbẹ. Agolo tòmátò De Rica ni dẹ̀ríkà ti gba orúkọ. Òṣùwọ̀n wọ̀nyí ń wọn *àyè*, wọn kì í wọn *ìwúwo*. Dẹ̀ríkà kan tó kún fún ẹ̀wà àti dẹ̀ríkà kan tó kún fún gàrí kì í wúwo bákan náà. Ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n sì wà níbẹ̀: òǹtajà kan lè bù ú kí ó gún lórí, òmíràn lè gé e ní ọgbọọgba.

Fún ìdí èyí, tábìlì tó bá sọ pé dẹ̀ríkà kan jẹ́ iye gíráàmù kan fún gbogbo oúnjẹ kò ṣeé gbára lé. Ọ̀nà tó dájú ni kí olùtumọ̀ yá agolo náà fúnra rẹ̀, kí ó sì wọ̀n ọ́n. Yóò kọ́kọ́ fi omi kún un. Gíráàmù omi kan jẹ́ mílílítà kan, nítorí náà ìwúwo omi náà ni àyè tó wà nínú agolo. Lẹ́yìn náà ni yóò gbẹ agolo, yóò bu ẹ̀wà sínú rẹ̀ bí ẹni tó ni ìlànà ṣe máa ń bù ú, yóò sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè rí ìwọ̀n tó wà láàárín.

Ọ̀rọ̀ *ife* kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ife inú ìwé ìdáná Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 237, ti Ọsirélíà jẹ́ 250, ife inú ilé kan ní Awóyáyà sì lè jẹ́ èyíkéyìí tó bá wà lórí àwo. Ṣíbí ìjẹun tí ìwé ń lò jẹ́ mílílítà 15 ní Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n 20 ni ti Ọsirélíà. Bí a bá ń wọn edé lílọ̀, ìyàtọ̀ yìí kò ṣe nǹkan. Bí ó bá jẹ́ iyọ̀, ahọ́n yóò mọ̀ ọ́n.

Horo *mágì* pẹ̀lú jẹ́ òṣùwọ̀n tó ń fara pa mọ́. Horo kékeré tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà wọ̀n gíráàmù 4, nígbà tí horo gíráàmù 10 wọ́pọ̀ ní Yúróòpù. Ẹni tó bá ka «mágì mẹ́ta» tó sì fi horo ńlá mẹ́ta sí i ti lo gíráàmù 30 dípò 12.

## Àpẹẹrẹ: mọ́ínmọ́ín

Ìlànà ìsàlẹ̀ yìí ni irú èyí tí ìyá kan ní Awóyáyà lè sọ fún ọmọ rẹ̀:

> Ẹ̀wà pupa dẹ̀ríkà kan. Tàtàṣé mẹ́rin, ata rodo méjì, alùbọ́sà ńlá kan. Edé lílọ̀, òróró agolo mílíìkì kan, iyọ̀ àti mágì tó bá tó. Rẹ ẹ̀wà, bó o, lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata. Pò ó, kí ó má ki jù. Pọ́n ọn, kí o sè é títí yóò fi jinná.

Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀ fún ẹni tí a sọ ọ́ fún. Fún òǹkàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, olùtumọ̀ yóò kọ́kọ́ wọn agolo. Kí a sọ pé dẹ̀ríkà náà gba omi mílílítà 850, tí agolo mílíìkì sì gba 160. Ife Amẹ́ríkà kan tí a fi ẹ̀wà gbígbẹ kún ní ọgbọọgba wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 167, nítorí náà ẹ̀wà dẹ̀ríkà yìí, bí a bá gé e ní ọgbọọgba, yóò tó gíráàmù 600. Bí ìyá náà bá máa ń bù ú kí ó gún lórí, yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n tí a rí lórí òṣùwọ̀n ni a óò sì kọ.

Ìkòkò òǹkàwé lè kéré, nítorí náà a lè pín gbogbo rẹ̀ sí méjì: ẹ̀wà gíráàmù 300, tàtàṣé méjì, ata rodo kan, alùbọ́sà gíráàmù 100, edé lílọ̀ ṣíbí ìjẹun kan, àti òróró mílílítà 80. Bí kò bá rí tàtàṣé, ata pupa olórí róbótó tí kò ta ni yóò rí ní gbogbo ọjà. Omi inú rẹ̀ pọ̀ ju ti tàtàṣé lọ, nítorí náà omi tí a óò fi lọ ẹ̀wà gbọ́dọ̀ dín kù.

Omi gan-an ni ibi tí nọ́ńbà kò tó. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò kì í mu omi bí ẹ̀wà tuntun. Ó dára kí ìtumọ̀ sọ pé kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi mílílítà 250, kí a sì máa fi 50 kún un títí ẹ̀wà lílọ̀ yóò fi máa ṣàn láti orí ṣíbí bí ẹ̀kọ mímu tó ki díẹ̀. Òǹkàwé tí kò mọ ẹ̀kọ mímu nílò àfiwé láti inú ilé tirẹ̀, bíi ìpara wàrà tó ki. «Kí ó má ki jù» tí ìyá náà sọ ni gbogbo àlàyé yìí.

*Pọ́n* jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ewé wà nínú rẹ̀. A ń fi ewé eéran pọ́n mọ́ínmọ́ín, ewé náà sì ń fún un ní òórùn. Bí kò bá sí, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ooru rọ̀ lè dípò rẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò sì yàtọ̀. Abọ́ kékeré tó lè gba ooru náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n nígbà náà «bù ú sínú abọ́, má jẹ́ kí ó kún» ni a óò kọ, nítorí pé ẹ̀wà náà yóò wú díẹ̀.

Ní ìparí, «títí yóò fi jinná» gbọ́dọ̀ di ohun tí ojú lè rí. Èyí tí a pọ́n níwọ̀n máa ń gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú 50 sí 60 lẹ́yìn tí omi bá ti hó, èyí tó wà nínú abọ́ tó jìn lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi bá ń gbẹ, omi gbígbóná ni a óò fi kún un, kí ooru má bàa já. A ó ki ọ̀bẹ bọ àárín rẹ̀: bí ẹ̀wà tútù bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì jinná. Mọ́ínmọ́ín gbígbóná máa ń rọ̀, bí ó bá sì tutù díẹ̀ ni ó máa ń le. Ẹni tí a kò sọ èyí fún lè sè é ju bó ṣe yẹ lọ.

## Àyẹ̀wò àti ààlà

Àyẹ̀wò tó dára jù ni kí ẹni tí kò jẹ mọ́ínmọ́ín rí fi ìtumọ̀ náà dáná, kí olùtumọ̀ sì máa wò ó láìsọ̀rọ̀. Ibi tí ó bá ti dúró láti béèrè ọ̀rọ̀ ni ibi tí ìtumọ̀ ti kù díẹ̀ káàtó. Ibi tó léwu jù ni ibi tí kò ti béèrè ohunkóhun, tí ó sì mú èròjà tí kì í ṣe òun. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a yẹ ohun tó rà wò kí ó tó tan iná.

Àwọn nǹkan kan kì í kọjá. Òórùn ewé eéran kò sí nínú ewé mìíràn, ata rodo méjì láti ọjà kan náà pàápàá lè ta ju ara wọn lọ. Ó tọ́ kí olùtumọ̀ sọ ibi tí oúnjẹ tuntun náà yóò ti yàtọ̀, kí òǹkàwé má bàa rò pé òun ló ṣe àṣìṣe. Ó sì yẹ kí ó fi orúkọ Yorùbá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàyé. Bí òǹkàwé ní Lọ́ńdọ̀nù bá wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà tó sì béèrè «edé» tàbí «tàtàṣé», ohun tí ìyá tó wà ní Awóyáyà ní lọ́kàn gan-an ni wọn yóò nà sí i.